EOD tí wọ́n kọ sínú ímeèlì, aago ta ni ká tẹ̀lé?

Akọ̀wé_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá ẹjọ́ yìí fún mi. A ní oníbàárà kan ní Niu Yọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́bọ̀, ó kọ eléyìí sí mi:

```
Pls send final figures EOD Fri. Thx
```

Ọ̀gá mi tá a jọ wà ní ọ́fíìsì kan wà nínú ímeèlì yẹn, òun náà wá fèsì, `COB please` nìkan ló kọ. Mo rò pé nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo jókòó ti iṣẹ́ yẹn látàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ ni mo tó fi ránṣẹ́, Jímọ̀ ṣì ni àbí kì í ṣe Jímọ̀? Ó di Mọ́ńdè, ọ̀gá ní mo pẹ́. Oníbàárà náà ní mo pẹ́. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé wákàtí tí kálukú ń bínú lé lórí ò bára mu, ọ̀gá ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí n ti fi ránṣẹ́, oníbàárà ní wákàtí kan àti díẹ̀ péré ni mo fi pẹ́. Aago tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, kì í sì yí padà láàárín ọdún. Ta ló jẹ̀bi nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Oṣù Júláì yìí náà ló ṣẹlẹ̀.

Jẹ́jẹ́_Layé:
Kò le rárá. EOD ni òpin ọjọ́, ọjọ́ sì ń parí ní 23:59. COB ni ìgbà tí wọ́n bá ti ọ́fíìsì, agogo márùn-ún. Oníbàárà kọ EOD, o fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, o ò jẹ̀bi lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ọ̀gá rẹ nìkan lo ṣẹ̀. Ó parí.

Màmá_Fáìlì:
Ọmọ mi, má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Ká tọrọ àforíjì ò pọ́n ẹnikẹ́ni lójú. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí àwọn méjèèjì, má ṣàlàyé púpọ̀, àlàyé púpọ̀ ló máa ń jẹ́ kí wọ́n rò pé èèyàn ń purọ́. Ṣé oníbàárà yẹn máa ń bínú pẹ́ ni?

Akọ̀wé_Tuntun:
@Màmá_Fáìlì ẹ ṣé mà, mo ti tọrọ àforíjì láti Mọ́ńdè. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí mo ṣe máa mọ wákàtí tí wọ́n ń sọ nígbà míì, torí ó dájú pé wọ́n á tún kọ ọ́.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Àbúrò, èmi ti ń gba irú ímeèlì yìí látìgbà tí wọ́n ṣì ń fi fáàsì ránṣẹ́ nínú ọ́fíìsì wa, jẹ́ ká fi aago tìẹ gan-an ṣe é, ìyẹn ló máa yé ẹ jù.

Ní Júláì, aago Niu Yọ́ọ̀kì fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn UTC. Tìẹ fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Nítorí náà wákàtí márùn-ún ló wà láàárín ìwọ àti oníbàárà rẹ. Wá wò ó: tí COB bá jẹ́ agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, ọ̀sán gangan, agogo méjìlá, ni lọ́dọ̀ oníbàárà, kò tíì jẹun ọ̀sán pàápàá. Tí EOD bá jẹ́ agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, agogo mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ. Tí oníbàárà bá sì ní ọ̀gànjọ́ lọ́kàn bí Jẹ́jẹ́_Layé ṣe sọ, ìyẹn á di agogo márùn-ún ìdájí Sátidé lọ́dọ̀ rẹ. Ímeèlì kan, gbèdéke mẹ́ta, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn sì fi wákàtí méjìlá jìnnà síra.

Ìwọ fi tìẹ ránṣẹ́ ní 23:20. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, 18:20 nìyẹn. O wá rí i pé wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú tí oníbàárà ń bínú lé lórí bá a mu gẹ́lẹ́? Ìyẹn ni pé nígbà tó kọ EOD, agogo márùn-ún tiẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gànjọ́. O lè fi ìbínú wọn mọ aago wọn.

Jẹ́jẹ́_Layé, níbi tó o ti ṣì í nìyẹn. Nínú ímeèlì iṣẹ́, ọ̀pọ̀ tó ń kọ EOD ń sọ òpin ọjọ́ iṣẹ́ ni, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde nídìí tábìlì wọn. Àwọn kan ń sọ ọ̀gànjọ́ lóòótọ́, n ò ní parọ́. Àwọn míì sì tún wà tí tiwọn jẹ́ pé `kí n ṣáà bá a níbẹ̀ tí mo bá jí láàárọ̀ ọ̀la`, wọn ò sì ní sọ ọ́ síta láé.

Jẹ́jẹ́_Layé:
Hmm. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n níbi tá a ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo wà nílé-ìwé, 23:59 ni wọ́n máa ń kọ, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kí lẹ wá fẹ́ sọ nípa COB? Èyí tí mo mọ̀ dájú ni pé COB ní aago kan pàtó, agogo márùn-ún Niu Yọ́ọ̀kì ni kárí ayé, torí pé ibẹ̀ ni ọjà owó ńlá wà, ìgbà tí ọjà yẹn bá tì ni COB. Mo kà á níbì kan.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá kọ COB láìsọ nǹkan míì, ọ̀pọ̀ wọn gbà pé 17:00 aago Ìlà-Oòrùn ilẹ̀ wọn ni, ìyẹn aago Niu Yọ́ọ̀kì, kódà ẹni tó wà ní Kalifọ́níà tí tiẹ̀ ṣì jẹ́ agogo méjì ọ̀sán máa ń fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ti pé ìgbà tí ọjà bá tì ni, wò ó dáadáa: 16:00 ni ọjà ìpín-ìdókòwò Niu Yọ́ọ̀kì máa ń tì, kì í ṣe 17:00. Ọ́fíìsì ló ń tì ní márùn-ún. Tó o bá ń bá àwọn oníṣòwò ìpín ṣiṣẹ́, wákàtí kan yẹn lè dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹlòmíì níbẹ̀ ń sọ 16:00 lóòótọ́ tó bá kọ COB.

Ti kárí ayé yẹn ni n ò gbà rárá. Ọ̀gá Akọ̀wé_Tuntun kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì tirẹ̀ ló mọ̀. Nígbà tó kọ COB, aago ara ògiri rẹ̀ ló ń wò.

Dúdú_Yẹmí:
EOD lọ́dọ̀ tiwa túmọ̀ sí àwọn ológun tó ń tú bọ́ǹbù o, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú ímeèlì iṣẹ́, ọkàn mi já.

Akọ̀wé_Tuntun:
@Dúdú_Yẹmí 😂😂 lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, bọ́ǹbù náà ni lọ́dọ̀ tèmi.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ó ti ń yé mi. Ìyẹn ni pé tí oníbàárà yìí bá tún kọ EOD, kí n kàn fi sọ́kàn pé agogo mẹ́wàá alẹ́ mi ni, ó parí?

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Rárá, má ṣe é bẹ́ẹ̀, tó bá di Nòfẹ́ńbà yóò ya ẹ́ lẹ́nu. Tìẹ kì í yí, tiwọn ń yí. Niu Yọ́ọ̀kì máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Máàṣì, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Nòfẹ́ńbà. Látìgbà náà wákàtí mẹ́fà ló máa wà láàárín yín, 17:00 tiwọn á di agogo mọ́kànlá alẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Ká ní Jánúárì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, 23:20 tó o fi ránṣẹ́ yẹn, ogún ìṣẹ́jú péré lo ì bá fi pẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀.

Ó tún wá burú fún ẹni tó ní oníbàárà ní Niu Yọ́ọ̀kì àti Lọ́ńdọ̀nù pọ̀. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ò yí tiwọn lọ́jọ́ kan náà, Àìkú tó gbẹ̀yìn Máàṣì àti Àìkú tó gbẹ̀yìn Òkítóbà ni tiwọn. Wákàtí márùn-ún tá a mọ̀ pé ó wà láàárín ìlú méjèèjì á di mẹ́rin fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ní Máàṣì, àti fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Òkítóbà bá ń parí lọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí àwọn tó ní `mo mọ aago wọn lórí` tí wọ́n ń pẹ́ sí mítìn.

Ọmọ_Ìlú_Ọba:
Tiwa níbí tún yàtọ̀ o. Àwọn àgbà tó wà ní ọ́fíìsì wa kì í kọ COB, `COP` ni wọ́n máa ń kọ, ọ̀rọ̀ eré kírikẹ́ẹ̀tì ni, ìgbà tí wọ́n bá parí eré fún ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọlọ́pàá kọ́ ni wọ́n ń sọ. Márùn-ún àbọ̀ sì ni tiwa, torí márùn-ún àbọ̀ la máa ń kúrò. Ẹ rí i pé agogo márùn-ún yẹn gan-an, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀.

Onírẹ̀lẹ̀_Kan:
Ẹ jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ rú díẹ̀. EOD àti COB yẹn ṣì dáa, ó kéré tán wọ́n dárúkọ ọjọ́. Èyí tó ń pa èmi ni ASAP. Ọ̀gá mi ò mọ nǹkan míì í kọ. Ìlà àkọlé ASAP, inú ímeèlì ASAP, ìgbà míì ó tún máa ń fi àmì ìyanu pupa yẹn sí i. Lọ́jọ́ kan mo bá mẹ́sàn-án tó jẹ́ ASAP lórí kọ̀mpútà mi láàárọ̀, mo wá mú èyí tó kéré jù kí n lè yára dín in kù, mo ṣe mẹ́rin. Kò pé agogo méjìlá tó fi ń pariwo. Ọ̀kan nínú márùn-ún tó kù, orúkọ àwọn tí bánkì máa sanwó fún ni, bánkì ò sì ní gbà á mọ́ tó bá ti di ọ̀sán. Wákàtí tí bánkì fi sí i wà lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà tó ti kọ ímeèlì yẹn, ASAP ló wá fi rọ́pò rẹ̀. Ó dùn mí títí dòní.

Màmá_Fáìlì:
Áà, ìyẹn ò dáa. Tó bá jẹ́ èmi, ASAP àkọ́kọ́ ni mo máa ṣe láàárọ̀, èyí tó bá wọlé ṣáájú ni kéèyàn kọ́kọ́ ṣe.

Onírẹ̀lẹ̀_Kan:
Mà, èyí tó wọlé ṣáájú lọ́jọ́ yẹn ni kí n bá a wá ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe 😩

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Onírẹ̀lẹ̀, o ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun gbogbo wa. Ẹnu àwọn ológun Amẹ́ríkà ni ASAP ti bọ́ sí ọ́fíìsì. Ohun tó sì túmọ̀ sí gan-an ni `ní kété tó bá ti ṣeé ṣe`, ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló mọ ìgbà tó máa ṣeé ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, òun ń gbọ́ `nísinsìnyí`. Ẹni tó gbà á náà, tó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́, á gbọ́ `nísinsìnyí`, tó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á gbọ́ `tó o bá ráyè`. Ọ̀rọ̀ kan náà o.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò kì í bi ọ̀gá léèrè kí ni ASAP túmọ̀ sí, torí á dà bíi pé mò ń bá a jiyàn. Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi wákàtí sí i, màá kọ ọ́ padà kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́:

```
Noted. You will have it by 15:00 today.
```

Tó bá pẹ́ jù fún un, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lo máa gbọ́. Tí kò bá sọ nǹkan kan, 15:00 ti di gbèdéke tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí, ìwé sì wà. Ní ti mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìlà kan náà ló máa gbà ẹ́: kọ gbogbo wọn sínú ímeèlì kan pẹ̀lú wákàtí tí ìkọ̀ọ̀kan máa jáde, kó rí i pé ti bánkì wà ní ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e sókè.

Adé_Orí_Ìkànnì:
Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo ọ̀gá lèèyàn ń fún ní wákàtí o. Tèmi á ní `ta ló bi ẹ́`. Lọ́dọ̀ tiwa àwọn àgbà ló ń dá àkókò, ọmọdé kì í dá a fún wọn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí, wọ́n pè mí wọlé.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Òótọ́ lo sọ, n ò lè jiyàn ìyẹn, mi ò mọ ọ̀gá rẹ. Irú wọn náà wà. Bóyá kó o lo `ṣé 15:00 máa tẹ́ yín lọ́rùn sà` dípò kó o sọ ọ́ bí àṣẹ. Tí ìyẹn náà bá bí i nínú, wàhálà náà ti kọjá ASAP nìyẹn.

Jẹ́jẹ́_Layé:
Èmi ní ọgbọ́n kan. Ẹ má fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ rárá, ẹ fi gbèdéke náà sínú kàlẹ́ńdà Outlook, kẹ́ ẹ pe oníbàárà sí i. Kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ ló máa yí aago padà fún kálukú. Ẹ̀rọ ò kì í ṣìṣe.

Ọmọ_Ìlú_Ọba:
Ọgbọ́n yẹn dáa, mo ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ fi wákàtí sí i. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo fi àmì sí `All day` torí mo rò pé Jímọ̀ ni mo ń sọ, ṣebí ọjọ́ ni. Outlook tèmi wá ka ọjọ́ yẹn láti ọ̀gànjọ́ dé ọ̀gànjọ́ aago tèmi. Lọ́dọ̀ ẹnì kejì ní Niu Yọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó wá gùn dé Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló rí, Ọjọ́bọ̀ ló ń retí ẹ̀. Nígbà tó o bá fi 16:30 sí 17:00 sí i, ó máa ń yí padà dáadáa.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
O ṣeun, mi ò mọ ti `All day` yẹn tẹ́lẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n máa sá fún `midnight Friday`. Ṣé ọ̀gànjọ́ tó mú wa bọ́ sínú Jímọ̀ ni àbí èyí tó mú wa kúrò nínú rẹ̀? Odindi ọjọ́ kan ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ òpin Jímọ̀, kó kọ 23:59, kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

Akọ̀wé_Tuntun, padà sí tìẹ. Ìdáhùn tí mo máa fún oníbàárà yẹn lọ́jọ́ tó kọ EOD, kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rárá, òun nìyí, kó o kàn yí ọjọ́ àti wákàtí padà:

```
Confirming: Fri 18 Jul, 17:00 New York (22:00 my time).
```

Kọ orúkọ ìlú, má kọ `EST`, aago Niu Yọ́ọ̀kì nígbà òtútù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ EST lọ́dún yípo, bẹ́ẹ̀ EDT, ti ìgbà ooru, ló yẹ kó jẹ́ ní Júláì, wákàtí kan sì ló wà láàárín wọn, ẹni tó bá fi EST ṣe ìṣirò tọkàntọkàn máa pẹ́. Tó o bá kọ Niu Yọ́ọ̀kì, kò sí wàhálà.

Kó o sì fi ọ̀gá rẹ sínú ìdáhùn yẹn. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ rí iṣẹ́ náà kó tó jáde, ibẹ̀ ló máa ti sọ pé agogo márùn-ún tòun ni kó o fi ṣe. Ó ṣeé ṣe kí COB tó kọ yẹn má tako oníbàárà rárá, kó jẹ́ pé ó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún wákàtí márùn-ún kí ó tó lọ ni. O ò bi í.

Akọ̀wé_Tuntun:
Háà. Ẹ̀gbọ́n, mi ò rò ó dé ibẹ̀ yẹn rárá. Ó ṣeé ṣe o, torí ó sọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé `mi ò tiẹ̀ rí i kó tó jáde`, mo rò pé ìbínú lásán ni.

Jẹ́jẹ́_Layé:
Mo gbà lórí COB. Lórí EOD mi ò tíì gbà o, òpin ọjọ́ ni òpin ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ agogo márùn-ún, kó kọ agogo márùn-ún.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sí oníbàárà rẹ 😄

Akọ̀wé_Tuntun:
Mo padà dé o. Oníbàárà tún ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, EOD náà ló kọ. Mo dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, mo fi 17:00 Niu Yọ́ọ̀kì sí i, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dáhùn, ó ní agogo mẹ́ta ọ̀sán tiẹ̀ ni òun fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí torí òun máa tètè kúrò. Ẹ wo bí mi ò bá béèrè! Mo wá kọ sí ọ̀gá mi náà, mo fi ọ̀wọ̀ béèrè pé wákàtí wo ni wọ́n máa fẹ́ rí i kí n tó fi ránṣẹ́ sà.

Ó ti dáhùn. `ASAP`.

Onírẹ̀lẹ̀_Kan:
😂😂😂 Ìyẹn jẹ́ agogo mélòó lọ́dọ̀ tiyín?